Bí a ṣe ń ka ọjọ́ iṣẹ́ nígbà tí họ́lídè bá bọ́ sáàárín

Ní ìsọ̀ àdìrẹ tí mo ti ń bá wọn kọ ìwé ọ́dà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù kì í ṣe owó, ọjọ́ ni. Oníbàárà á sanwó, a óò ní kó retí aṣọ lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, òun náà á fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kà á. Iye tó kà àti iye tí a kà kì í sábà dọ́gba. Iléyá 2025 ló là mí lójú pátápátá, torí họ́lídè mẹ́ta ló wọlé láàárín ọjọ́ méje: ìjọba àpapọ̀ fún wa ní ọjọ́ Ẹtì 6 àti ọjọ́ Ajé 9 oṣù kẹfà fún Iléyá, ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, 12 oṣù kẹfà, sì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ ń ṣì í ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí Yorùbá bá ní “òní ọjọ́ mẹ́jọ”, a ti ka òní mọ́ ọn. Bí a bá sọ ọ́ ní Ọjọ́rú, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló máa bọ́ sí. Ọ̀túnla ni ọjọ́ kẹta òní. Ọjọ́ iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọ́dà wọlé kò sí nínú òǹkà rárá, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni a ń pè ní ọ̀kan. Bí ẹ ò bá là á yé oníbàárà, á ti fi ọjọ́ kan ṣáájú yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ́dà kan tó wọlé ní Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà 2025, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà síwájú, ẹ fi bírò fa igi lórí gbogbo Àbámẹ́ta àti Àìkú, kí ẹ tún fa igi lórí họ́lídè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó kà. Ọjọ́bọ̀ 5 ni ọ̀kan. Ẹtì 6 ní igi, òpin ọ̀sẹ̀ ní igi, Ajé 9 ní igi. Ìṣẹ́gun 10 ni èjì, Ọjọ́rú 11 ni ẹ̀ta. A fo Ọjọ́bọ̀ 12. Ẹtì 13 ni ẹ̀rin. A tún fo òpin ọ̀sẹ̀, Ajé 16 ni àrún. Ọjọ́ Ajé 16 ni aṣọ yóò dé.

Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ọ̀nà àbùjá ni mo gbà. Mo kọ́kọ́ ka ọjọ́ márùn-ún bíi pé kò sí họ́lídè, ó gbé mi dé Ọjọ́rú 11. Mo wò ó pé họ́lídè méjì ló wà láàárín, mo bá fi méjì lé e, ó di Ẹtì 13. Ohun tí mi ò rí ni pé bí mo ṣe ń sún ọjọ́ náà síwájú, mo ń sún un bọ́ sórí 12, tó jẹ́ họ́lídè kẹta. Òun náà gbọ́dọ̀ sún un, ìyẹn sì gbé e kọjá òpin ọ̀sẹ̀. Oníbàárà náà ń gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó ní Sátidé 14. Ó pè mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín lẹ fi sọ Fúráìdè.” Mi ò rí èsì fọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi iye họ́lídè lé ìparí òǹkà. Ẹ máa fò wọ́n bí ẹ ṣe ń pàdé wọn lọ́nà.

Bí ọ́dà bá pọ̀, bírò kò ní lè bá a. Nínú Excel tàbí Google Sheets, ẹ kọ ọjọ́ tí ọ́dà wọlé sínú àpótí A2, iye ọjọ́ iṣẹ́ sínú B2, kí ẹ sì to àwọn họ́lídè sísàlẹ̀ ara wọn láti H2 dé H20. Ẹ wá kọ èyí sínú C2:

```
=WORKDAY(A2,B2,$H$2:$H$20)
```

Òun náà kì í ka ọjọ́ ọ́dà, ó sì ń fo họ́lídè àti òpin ọ̀sẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí a ṣe fi bírò ṣe é. Bí 45824 bá yọ dípò ọjọ́, kò sí nǹkan tó bàjẹ́: bí ẹ̀rọ ṣe ń tọ́jú 16 oṣù kẹfà 2025 nìyẹn, ẹ sọ àpótí náà di ti ọjọ́, á sì yí padà.

Èyí tó ń bàjẹ́ láìpariwo ni bí a ṣe ń tẹ ọjọ́ sínú rẹ̀. Àwa ń fi ọjọ́ ṣáájú oṣù. Bí ẹ̀rọ yín bá wà ní ìlànà Amẹ́ríkà, tí ẹ tẹ 9/6/2025 àti 12/6/2025, yóò kà wọ́n sí 6 oṣù kẹsàn-án àti 6 oṣù kejìlá. Kò ní kọ àṣìṣe kankan. Yóò kàn fún yín ní 12 oṣù kẹfà, tó jẹ́ ọjọ́ họ́lídè gan-an. Bí ẹ bá rí i pé ọjọ́ tí aṣọ máa dé bọ́ sórí họ́lídè, àkójọ H ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kí ẹ má bàa kó sínú rẹ̀, ẹ máa fi ọdún ṣáájú, 2025-06-12, kí ẹ sì fi èyí wo ohun tí ẹ̀rọ gbọ́:

```
=TEXT(H2,"dddd d mmmm yyyy")
```

Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ wa ló ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Èyí tó ń fo Àìkú nìkan nìyí:

```
=WORKDAY.INTL(A2,B2,11,$H$2:$H$20)
```

Pẹ̀lú rẹ̀, ọ́dà wa á dé ní Ẹtì 13. Ṣùgbọ́n aláró wo ló máa ṣiṣẹ́ ní Sátidé 7, ọjọ́ kejì Iléyá, tí ẹran ṣì wà lórí iná? Bí ìsọ̀ bá ti ilẹ̀kùn, ẹ fi ọjọ́ náà kún àkójọ H bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ò pè é ní họ́lídè. Ó máa di Sátidé 14.

Họ́lídè tó bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ọjọ́ kù lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ òmìnira 2023 bọ́ sí Àìkú, ìjọba wá fi Ajé, 2 oṣù kẹwàá, rọ́pò rẹ̀. Ajé yẹn ló yẹ kó wọ àkójọ.

Ti Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀ tún yàtọ̀, torí oṣù tuntun ló ń pàṣẹ fún wọn, ìkéde ìjọba sì máa ń sún mọ́ ọdún pẹ́kípẹ́kí. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí a ń retí sílẹ̀, mo sì ń fi àwọ̀ ìyeyè kùn ún. Bí ìkéde bá jáde tó yàtọ̀, mo tún ọ̀kan yẹn ṣe, gbogbo ọjọ́ inú òpó C á yí padà fúnra wọn. Àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí a ti fi ránṣẹ́ kò ní yí padà, nítorí náà mo ń ṣa àwọn tí ọjọ́ wọn yí sọ́tọ̀, mo sì ń pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an.

Báyìí, mi ò kọ “ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún” sí oníbàárà mọ́. Ohun tí mò ń kọ ni: “Ẹ kú ọjà o. Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹfà, ni aṣọ yín máa dé. A ti yọ họ́lídè Iléyá àti ti 12 oṣù kẹfà kúrò.”