Ìrẹsì jó nísàlẹ̀, ó tún le lókè: ọ̀rọ̀ omi àti iná gáàsì

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Gáàsì kékeré tí wọ́n ń gbé ìkòkò lé orí sílíńdà rẹ̀ ni mo ń lò ní yàrá mi ní Àpáta. Kóòpù ìrẹsì mẹ́ta ni mo sè lánàá, èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo rà ní Bódìjà. Mo bọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́, mo wá bu omi sí i títí omi fi fi oríkèé ìka kan ga ju ìrẹsì lọ. Ìsàlẹ̀ jó, àárín rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tòkè sì ṣì le nínú. Ṣé ìrẹsì yẹn ni kò dáa ni?

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe ìrẹsì yẹn, ọmọ mi. Iná ni mo fura sí.

Irú ìrẹsì tó pọ́n díẹ̀ yẹn, wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi, wọ́n ti fi ooru sè é tòun tèèpo, wọ́n sì ti sá a gbẹ kí wọ́n tó bó o. Ìyẹn ló jẹ́ kí hóró rẹ̀ le, tí kì í tètè fọ́ di ẹ̀kọ. Àmọ́ líle yẹn náà ni kì í jẹ́ kó yára mu omi. Ara rẹ̀ lè rọ̀ kíá, ṣùgbọ́n kí omi tó dé àárín hóró, ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú. Àkókò ló ń fẹ́, kò fẹ́ iná ńlá.

Omi tó bá ti ń hó kò tún ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìkòkò wa lásán. Tí o bá yí gáàsì títí iná fi ń lá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ìrẹsì ò ní tìtorí ẹ̀ tètè jinná. Omi ni yóò kàn máa di ooru, tí yóò máa gba abẹ́ ọmọrí sá lọ. Omi tó yẹ kí ìrẹsì mu ti bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn: ìsàlẹ̀ gbẹ, ó jó, òkè ò rí omi mu tó, ó le. Wo ìdí ìkòkò yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ pé roboto láàárín ló ti jó, tí etí kò jó, iná gáàsì kékeré ló fojú kan ibẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé mà. Omi mélòó gan-an ni, ìgbà wo sì ni kí n dín iná kù?

Ìdáhùn: Fi ìka sílẹ̀ ná. Ìka ò mọ̀ bóyá ìkòkò fẹ̀ tàbí ó ga. Kóòpù tí o fi wọn ìrẹsì ni kí o fi wọn omi.

Tí o kò bá ní bọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, kóòpù omi méjì ni fún kóòpù ìrẹsì kan. Mẹ́ta tìrẹ yìí yóò gba mẹ́fà. Fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ díẹ̀, da gbogbo omi náà sí i lẹ́ẹ̀kan, fi iyọ̀ sí i, dé e, kí o sì gbé e ka iná ńlá. Bó bá ti hó yaya, ro ó lẹ́ẹ̀kan péré láti ìdí, lẹ́yìn náà kí o yí iná wálẹ̀ débi tó kéré jù tí kò fi ní kú. Ọmọrí kò gbọdọ̀ máa jó mọ́. Ooru tín-ín-rín ni kó máa yọ létí rẹ̀. Fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, má ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí o bá ṣí i, wàá rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ lójú ìrẹsì, omi ò ní hàn mọ́. Pa iná, dé e padà, kó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru tó wà nínú ìkòkò ló máa parí èyí tó wà lókè. Àwọn tó ń kánjú bu oúnjẹ kì í dúró ṣe eléyìí, wọ́n á wá ní ìrẹsì le.

Tó bá jẹ́ pé o bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí o sì sẹ́ ẹ, ìrẹsì yẹn ti mu omi sínú. Kóòpù mẹ́rin péré ló kù tí mẹ́ta tìrẹ yóò gbà, kó sì jẹ́ omi gbígbóná. Tí o bá tún fún un ní mẹ́fà, yóò rọ̀. Ní tèmi o, tó bá jẹ́ ìrẹsì funfun lásán tí ọwọ́ ti ṣà dáadáa, n kì í bọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá mi á bá mi jà tó bá gbọ́.

Ìbéèrè: Iná tèmi kì í kéré dáadáa mà. Bí mo bá dín in kù, atẹ́gùn á pa á.

Ìdáhùn: Gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà lákọ̀ọ́kọ́. Kó wà níbi tí atẹ́gùn kò ti ní máa fẹ́ lù ú tààrà, ṣùgbọ́n kí fèrèsé ṣí o. Bí iná bá kú fúnra rẹ̀, tì í pa, jẹ́ kí òórùn gáàsì lọ tán kí o tó ṣáná.

Bí èyí tó kéré jù náà bá ṣì le jù, wá irin pẹlẹbẹ tàbí páànù irin àtijọ́ kan tó nípọn, kí o tẹ́ ẹ sórí iná, kí o wá gbé ìkòkò lé e. Yóò pín iná náà káàkiri, kò ní dúró sójú kan. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ wúwo náà dáa ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ.

Tí o bá fẹ́ mọ iye omi tí iná rẹ ń jí, wọn kóòpù omi mẹ́rin sínú ìkòkò lásán, jẹ́ kó hó, dín iná kù, dé e fún ogún ìṣẹ́jú, kí o wá tún un wọ̀n nígbà tó bá tutù. Tó bá jẹ́ kóòpù kan tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ ló dín, iná rẹ dáa. Tó bá dín ní méjì, ibẹ̀ ni omi ìrẹsì rẹ ń gbà lọ, tàbí kó jẹ́ pé ọmọrí kò wọlé dáadáa. Ewé eéran tàbí fóìlì ni mo máa ń fi sábẹ́ ọmọrí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tí gbogbo èèyàn ń lò yẹn, n kò fẹ́ ẹ. Ó máa ń yọ́ bó bá kan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.

Ìbéèrè: Bí mo bá fẹ́ se kóòpù mẹ́wàá fún àlejò ńkọ́? Ṣé ogún ni omi?

Ìdáhùn: Kò ní tó bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́fà tí a fún kóòpù mẹ́ta, ìrẹsì mu bíi márùn-ún, ọ̀kan bá ooru lọ. Ìrẹsì mẹ́wàá yóò mu ju ti mẹ́ta lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó ń jáde kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ìkòkò kan náà ni, ogún ìṣẹ́jú kan náà ni. Kóòpù méjìdínlógún ni mo máa ń bù sí i. Èyí tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, nítorí náà jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí o bá pa iná.

Ìbéèrè: Èyí tó ti jó ńkọ́ mà, ṣé kí n dà á nù?

Ìdáhùn: Rárá o. Gbàrà tí o bá ti gbóòórùn rẹ̀, gbé ìkòkò kúrò lórí iná, má sì rò ó, torí rírò ló ń gbé òórùn yẹn kiri. Rọra bu tòkè sínú ìkòkò mìíràn, kí ṣíbí má kan ìdí. Wọ́n omi gbígbóná bí ìlàjì kóòpù káàkiri orí rẹ̀, dé e pa, kí o gbé e ka iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Tẹ hóró kan láàárín ìka méjì: bí o bá ṣì rí funfun bí ẹfun nínú rẹ̀, tún fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un.