Bí mo ṣe wá iye èrò tí wọn ò fẹ́ sọ jáde ní Kétu

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nínú àwọn ará Kétu, mélòó ló gbà pé ọkọ lè na ìyàwó rẹ̀ bó bá ṣàìgbọràn? Bí mo bá bi wọ́n ní tààrà, "rárá" ni ọ̀pọ̀ máa sọ, torí wọ́n mọ ohun tó yẹ ká sọ lójú àlejò. Mo wá kó 400 èèyàn jọ. Mo ka gbólóhùn mẹ́rin fún ìdajì wọn. Mo ka mẹ́rin kan náà fún ìdajì kejì, mo sì ti ọ̀rọ̀ lílu ìyàwó bọ àárín rẹ̀, ó di márùn-ún. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ èyí tó fara mọ́. Iye rẹ̀ nìkan ni kó sọ.

Gbólóhùn mẹ́rin yẹn ló fún mi níṣẹ́ jù. Àwọn ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́ ni mo kọ́kọ́ kó jọ, bíi kí ọmọdé máa kí àgbà. Nínú 20 èèyàn tí mo fi dán an wò, mẹ́sàn-án gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bí irú wọn bá gbọ́ márùn-ún, tí wọ́n dáhùn pé "márùn-ún", àṣírí wọn tú nìyẹn. Wọ́n á sì yáa dín in kù. Mo tún un tò: ọ̀kan tí gbogbo èèyàn á gbà (kí ọmọbìnrin lọ sílé ìwé), ọ̀kan tí kò sẹ́ni tó máa gbà (kí wọ́n má gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ sílé ìwòsàn), àti méjì tó ta ko ara wọn: pé ìyàwó lè ní owó tí ọkọ ò mọ̀, àti pé ọkọ ni kó máa tọ́jú gbogbo owó ilé. Báyìí, iye tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ kì í jìnnà sí méjì.

Ìṣòro mìíràn yọjú. Ìyá àgbà kan gbọ́ tán, ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó o sọ kẹ́yìn yẹn, mo gbà á." Láti ìgbà náà ni mo ti ń fún olúkúlùkù ní hóró àgbàdo díẹ̀. Wọ́n á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á máa sún hóró kan láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì fún èyí tí wọ́n bá gbà, lẹ́yìn náà wọ́n á ka ti ọwọ́ òsì fún mi.

Èmi kọ́ ló ń yan ẹni tó máa gbọ́ márùn-ún. Bébà kíká inú igbá ló ń pín wọn. Ká ní àdúgbò ni mo fi pín wọn ni, mi ò ní mọ̀ bóyá gbólóhùn karùn-ún ló fa ìyàtọ̀ tàbí àdúgbò.

Ìpíndọ́gba àwọn tó gbọ́ mẹ́rin jẹ́ 2.05, ti àwọn tó gbọ́ márùn-ún jẹ́ 2.38. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni 0.33. Gbólóhùn karùn-ún nìkan ló lè fa ìyàtọ̀ yẹn, nítorí náà nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló gbà pé ọkọ lè na ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo wá bi àwọn tó gbọ́ mẹ́rin ní tààrà, 22 nínú 200 péré ló ní òun gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kì í fúnni ní iye tó ṣe pàtó. Àwọn gbólóhùn mẹ́rin tó kù ń da iye rú, nítorí náà 33 nínú ọgọ́rùn-ún yẹn lè jẹ́ 19, ó sì lè jẹ́ 47. Wọ́n ní kí n ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀. Mo ṣe é, àmọ́ èèyàn tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan dín kù, àlàfo tí iye tòótọ́ lè wà sì fẹ̀ dé nǹkan bí 20 sókè àti 20 sísàlẹ̀. Mo yọ ìpín ọkùnrin àti obìnrin yẹn kúrò nínú ìwé tí mo fi jíṣẹ́.