Fọ́tò Ọjọ́ Ìgbéyàwó Nìkan Kò Tó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ẹ̀rí Físà Tọkọtaya

Ìwé tí àbúrò mi ọkùnrin fi sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2024, kí ìyàwó rẹ̀ lè wá bá a ní Lọ́ńdọ̀nù, ju 200 ojú ewé lọ. Fọ́tò 60 wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ ìdána àti ọjọ́ kóòtù ní Ìbàdàn: alága ìdúró, alága ìjókòó, mọ̀lẹ́bí nínú aṣọ ẹbí. Wọ́n kọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó yẹ ìwé náà wò kò sọ pé ìgbéyàwó kò wáyé. Ohun tó kọ ni pé láti oṣù Kejìlá 2022 tí wọ́n ti ṣègbéyàwó títí di ọjọ́ tí wọ́n béèrè físà, òun kò rí ohun tó fi hàn pé àwọn méjèèjì ṣì ń ṣe tọkọtaya.

Ohun méjì ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wò: pé ìgbéyàwó náà jẹ́ òótọ́, àti pé ó ṣì wà. Ìwé ẹ̀rí kóòtù fi hàn pé ẹ ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í pe ẹnikẹ́ni láti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ìwé tí ẹ kó sílẹ̀ nìkan ni òṣìṣẹ́ náà mọ̀ nípa yín.

Nígbà tí a jókòó tún ìwé náà tò, fọ́tò ni a kọ́kọ́ dojú kọ. Nínú 60 yẹn, márùn-ún péré ni a fi sílẹ̀. Èyí tí a fi kún un kò dùn ún wò tó ti ìgbéyàwó: àwọn méjèèjì níwájú ilé ìyá wa nígbà tí àbúrò mi wálé ní oṣù Kẹjọ 2023, àwọn méjèèjì ní ọjà Bódìjà, àti ìyàwó láàárín àwọn ẹbí wa níbi ìsìnkú bàbá wa àgbà, níbi tí ọkọ rẹ̀ kò lè wá. Lójú tèmi, èyí tó kẹ́yìn yìí lágbára jù lọ, nítorí ó fi hàn pé ẹbí ọkọ ń pè é ní ìyàwó bí ọkọ kò tilẹ̀ sí nílé. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan a kọ ọjọ́, ibi tí a ti yà á, àti orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. A so òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú mọ́ àwọn ti oṣù Kẹjọ. Ẹ wá fọ́tò lọ sínú fóònù tó yà á gan-an, nítorí èyí tó bá ti gba orí WhatsApp kọjá kì í gbé ọjọ́ tí wọ́n yà á dání mọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, àwọn kan máa ń tẹ ẹgbẹ̀rún ojú ewé jáde, àwọn mìíràn a sì mú ti oṣù tó kọjá nìkan. Kò sẹ́ni tó máa ka ti àkọ́kọ́, èkejì sì dà bí ẹni pé ìgbà tí físà kàn yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bára yín sọ̀rọ̀. A mú ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ní oṣù méjì-méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀, a sì rí i dájú pé ọjọ́ àti nọ́ńbà hàn. Ẹ má ṣe ṣa ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan. Ibi tí ìyàwó ti ń sọ pé owó ilé ti tó san, tí ọkọ ń bẹ̀bẹ̀ pé kó fún òun di ọjọ́ Ẹtì, ni òṣìṣẹ́ ti lè rí ìdílé.

Èdè wa la sì fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ìwé tí kò bá sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀, kí olùtúmọ̀ jẹ́rìí pé ó péye, kó fọwọ́ sí i, kó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí i. Àbúrò mi fẹ́ yẹra fún ìnáwó yìí nígbà àkọ́kọ́, ló bá ṣa gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì nìkan: “Good morning”, “Ok”, “Thanks”. Lójú ẹni tó ń kà á, àwọn méjèèjì kò mọra. Díẹ̀ tí a túmọ̀ dáadáa sàn ju ìyẹn lọ. Bó bá jẹ́ ohùn lẹ máa ń fi ránṣẹ́ síra yín, ẹ mú ojú ewé tó fi ọjọ́ àti gígùn ohùn náà hàn, kí ẹ fi àkọsílẹ̀ ìpè tì í. Bí ẹ bá ti tan ètò tí ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ pa á lónìí.

Owó ló dun àbúrò mi jù, nítorí kò sí oṣù tí kò fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń san pọ́ùn fún ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni yẹn á sì ní kí èèyàn rẹ̀ nílé san náírà fún ìyàwó. Ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé báńkì ìyàwó, àjèjì kan ló ń fún un lówó lóṣooṣù. Orúkọ ọkọ rẹ̀ kò sí níbì kan.

A wá ń so ìwé mẹ́ta pọ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024. Ìwé báńkì àbúrò mi fi hàn pé £150 jáde. Ìwé báńkì ìyàwó fi hàn pé ₦300,000 wọlé ní ọjọ́ kan náà, nítorí ₦2,000 sí pọ́ùn kan ni wọ́n jọ dá a lé. Lórí WhatsApp, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó kọ pé, “Owó ti wọlé o, ẹ ṣé, olúwa mi. Mo ti san ti ilé.” Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe bára mu kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Láti ìgbà tí a ti tún ìwé náà tò ni àbúrò mi ti ń lo ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, láti orúkọ tirẹ̀ sí orúkọ ìyàwó, kì í sì í ṣe sí ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó.

Ẹnì kan ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sáré ṣí àkáǹtì àjọni. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Àkáǹtì ọ̀sẹ̀ méjì tí £10 wà nínú rẹ̀ kò jẹ́rìí sí ohunkóhun, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kí tọkọtaya tí òkun wà láàárín wọn ní ọ̀kan. Ẹ má sì da ẹ̀rí yìí pọ̀ mọ́ ti owó tó ń wọlé, £29,000 lọ́dún, tí òfin ti ń béèrè láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2024. Ìwé owó oṣù ń fi hàn pé ẹni tó ń gbé níbí lè gbọ́ bùkátà. Kò fi hàn pé ìyàwó ń jẹ nínú owó náà.

Ohun kan ṣì kù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bà á jẹ́. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó kọ ọjọ́ ìdána. Nínú lẹ́tà ọkọ, ọjọ́ kóòtù ló wà. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ àṣà wa á rò pé ẹnì kan ń parọ́. A kọ lẹ́tà ojú ewé méjì tó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ríra lójúkojú, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìdána, kóòtù, ìrìn-àjò 2023. A tún ṣàlàyé ọ̀nà tí owó ń gbà, a sì tọ́ka sí ojú ewé ẹ̀rí lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n lè pẹjọ́ láàárín ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n wọ́n yàn láti béèrè lákọ̀tun. Owó ìbéèrè àkọ́kọ́ kò padà. Ti ìtọ́jú ìlera nìkan ni wọ́n dá padà. Ìwé kejì kò tó 80 ojú ewé. Físà oṣù 33 ni wọ́n fún un.