Pírámíìdì Nàìjíríà àti ti Jàpáàn: kí ló dé tí orí méjèèjì fi fẹ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Mo ya pírámíìdì iye ènìyàn Nàìjíríà àti ti Jàpáàn, àwòrán ọ̀pá tó to ọjọ́ orí láti ọmọdé nísàlẹ̀ dé àgbà lókè, sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Kàbà. Ọ̀pá òkè pátápátá nínú ti Nàìjíríà gùn ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ sì ní àwa náà ti ń darúgbó bíi Jàpáàn. Níbo ni àṣìṣe wà?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, àbúrò. Wo ohun tí o kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá yẹn. Ó jọ pé "65 sókè" ni. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni àwọn yòókù kó, ṣùgbọ́n èyí kó gbogbo ẹni 65 títí dé ẹni tó lé ní 100 sójú kan. Kò ṣe ní gùn? Pín in sí 65–69, 70–74, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí o sì fi ìdá ọgọ́rùn-ún yà á, kì í ṣe iye orí. Ti Nàìjíríà á fẹ̀ nísàlẹ̀, á sì ṣe ṣóńṣó lókè. Ti Jàpáàn á wú láti àárín sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wá tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìwé rẹ kò bá pín in, má fi ọ̀pá òkè dájọ́ rárá. Ẹsẹ̀ ni kí o wò.

Lẹ́yìn náà, ṣe ìṣirò kan pẹ̀lú wọn. Nínú 100 ọmọ Nàìjíríà, bíi 42 ni kò tíì pé ọdún 15, bíi 3 péré ló ti pé 65. Ní Jàpáàn, ọmọdé jẹ́ bíi 12, àgbà bíi 29. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà yóò wá jẹ́ nǹkan bíi 55 níhìn-ín, 59 lọ́hùn-ún. Ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yàtọ̀: ilé ìwé, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ ni tiwa, owó ìfẹ̀yìntì àti olùtọ́jú arúgbó ni tiwọn. Àwọn ọmọbìnrin tó wà ní ẹsẹ̀ tiwa yìí á sì di ìyá lọ́la. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tilẹ̀ bí ọmọ méjì péré, iye wa á ṣì máa pọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbéèrè: Ọmọ kan ya ti abúlé wọn ní Ìjùmú. Ọmọdé wà, àgbà pọ̀, àárín ló tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣé abúlé náà ń darúgbó bíi Jàpáàn ni?

Ìdáhùn: Rárá, ìrìn àjò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí bíbímọ ti dínkù, láti ẹsẹ̀ gan-an ni ọ̀pá ti ń kúrú: èyí tó wà nísàlẹ̀ á kéré sí èyí tó wà lókè rẹ̀. Ní abúlé yẹn, ibi ọdún 20 sí 39 ni ó já sí, nítorí Èkó, Àbújá àti Lọ́kọ́ja ni àwọn tó wà lọ́jọ́ orí yẹn ń gbé. Àwọn tó fẹ̀yìn tì sì ń padà wálé, orí rẹ̀ wá ń wú. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọdé yẹn lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà, nítorí náà má fi wọ́n ṣírò iye tí obìnrin abúlé ń bí. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Kogí lápapọ̀, ihò àárín náà á hàn sí wọn.