Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ́ dimọ́tipulẹ́sà: ẹ má fi ẹsẹ̀ ìyọ̀ǹda ṣeré

Dimọ́tipulẹ́sà ló ń gba détà láti ojú kan, tó sì ń darí rẹ̀ sí ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ àbájáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ ló ka ẹsẹ̀ ìyọ̀ǹda, ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń ṣí ṣíìpù tàbí tì í, sí àfikún lásán. Wọ́n á so ó mọ́ ibi tí ṣíìpù yóò fi máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan pàtó. Maikirokontírólà kan ní ojú TX kan ṣoṣo tí ó fi ń ránṣẹ́, ẹ̀rọ 8 ló sì gbọ́dọ̀ máa gba ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, kálukú ní àsìkò tirẹ̀. Ṣíìpù tí àwọn èèyàn sábà máa ń mú fún irú iṣẹ́ yìí ni 74HC138. Ẹsẹ̀ 1, 2 àti 3 rẹ̀ ni ti àdírẹ́sì. Ẹsẹ̀ ìyọ̀ǹda rẹ̀ jẹ́ 3: G2A ní ẹsẹ̀ 4, G2B ní ẹsẹ̀ 5, àti G1 ní ẹsẹ̀ 6. G2A àti G2B gbọ́dọ̀ wà ní 0, G1 gbọ́dọ̀ wà ní 1, kí àbájáde tí a yàn tó lè lọ sí 0. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, gbogbo àbájáde 8 yóò dúró sí 1.

Ẹ ó rí i pé kò sí ẹsẹ̀ kankan tí wọ́n pè ní ti détà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ ìyọ̀ǹda yìí la ó fi ṣe ẹnu ọ̀nà détà. Èwo ni ká wá lò? Àṣìṣe àkọ́kọ́ ń dúró deni níbẹ̀. Ẹni tó bá so TX mọ́ G1 yóò rí i pé détà jáde ní ìdàkejì: 1 di 0, 0 di 1. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ yóò máa ka ìdọ̀tí, ẹni tó ń kọ́ ọ yóò sì máa wá ẹ̀bi sínú ìyára ìfiránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ so TX mọ́ G2A. Nígbà tí TX bá wà ní 0, ṣíìpù ṣí, àbájáde tí a yàn lọ sí 0. Nígbà tí TX bá wà ní 1, ṣíìpù tì, àbájáde náà padà sí 1. Détà jáde bó ṣe wọlé.

Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ojú TX tí kò ṣiṣẹ́ máa ń sinmi ní 1. Àwọn àbájáde 74HC138 tí a kò yàn náà ń sinmi ní 1, nítorí náà àwọn ẹ̀rọ 7 yòókù kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àwọn géètì AND kọ́ dimọ́tipulẹ́sà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe máa ń yà á, yóò ní àbájáde tó ń sinmi ní 0. Lójú ẹ̀rọ tó ń gbọ́, 0 tí kò dẹ́kun kì í ṣe ìsinmi, ọ̀rọ̀ tó já ni. Yóò ka òdo tí férémù rẹ̀ bàjẹ́, pàápàá ní gbogbo ìgbà tí a bá kúrò lórí rẹ̀. Kí ẹ tó yan ṣíìpù tàbí géètì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ibo ni ìlà tí ẹ fẹ́ pín máa ń sinmi sí.

Ohun kan náà ló ń tan àwọn tó fi iná LED dán an wò. Wọ́n so LED láti àbájáde lọ sí GND, iná 7 tàn, ọ̀kan kú, wọ́n ní ṣíìpù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Ẹ so LED àti rẹsísítọ̀ rẹ̀ láti VCC wá sí àbájáde, èyí tí a yàn nìkan ni yóò tàn.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ ìyọ̀ǹda tí ẹ kò lò sílẹ̀ láìso. Nínú ẹbí HC, ẹsẹ̀ tí kò so mọ́ nǹkan kan kò ní 1, kò ní 0. Ohun tó bá kọjá nítòsí ni yóò máa gbé e kiri. Àmì rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà ń lọ nígbà tí ọwọ́ bá sún mọ́ ọn, ó sì ń dá nígbà tí ọwọ́ bá kúrò. Àwọn tó ti lo 74LS138 tẹ́lẹ̀ ló máa ń kó sí èyí jù, torí pé LS máa ń ka ẹsẹ̀ tí a kò so sí 1, G1 a sì dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, G1 lọ sí VCC. G2B la ó fi máa tì í tàbí ṣí i: ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ kan lára maikirokontírólà, kí ẹ sì fi rẹsísítọ̀ 10 kΩ fà á sókè sí VCC. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ẹsẹ̀ maikirokontírólà kò tíì mọ iṣẹ́ wọn. Rẹsísítọ̀ yìí ni yóò mú kí gbogbo àbájáde sinmi títí ètò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi kapásítọ̀ 100 nF sí àárín ẹsẹ̀ 16 àti ẹsẹ̀ 8, lẹ́bàá ṣíìpù.

Àṣìṣe tó le jù ni kí a yí àdírẹ́sì padà nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣí. Ẹ wo bí a ṣe ń kúrò ní àbájáde 3 lọ sí 4. Ní báyìí, 011 ń di 100, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yí. Bí ètò bá ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti èyí tó kéré jù, àdírẹ́sì yóò gba 010 kọjá, yóò gba 000, kó tó dé 100. Bí détà bá wà ní 0 lásìkò yẹn, àbájáde 2 àti àbájáde 0 yóò lọ sí 0 fún ìṣẹ́jú akàn. Ìlà tí bíìtì kan rẹ̀ ń gba nǹkan bíi 104 maikirosẹ́kọ́ǹdì, bíi ti ìyára 9600 bíìtì ní sẹ́kọ́ǹdì kan, lè má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀kì ẹ̀rọ tó ń ka iye ni àbájáde náà so mọ́, yóò kà á bí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi.

Ẹ tì í, ẹ yí àdírẹ́sì, kí ẹ tó ṣí i padà. Nínú ètò Arduino yìí, S0, S1 àti S2 ni àwọn ẹsẹ̀ maikirokontírólà tó lọ sí ẹsẹ̀ àdírẹ́sì 1, 2 àti 3:

```
void yan(byte n) {
  Serial.flush();
  digitalWrite(G2B, HIGH);
  digitalWrite(S0, bitRead(n, 0));
  digitalWrite(S1, bitRead(n, 1));
  digitalWrite(S2, bitRead(n, 2));
  digitalWrite(G2B, LOW);
}
```

Ìlà `Serial.flush()` yẹn ni àwọn èèyàn máa ń yọ kúrò. `Serial.write` kì í dúró kí ọ̀rọ̀ jáde tán. Ó kàn ń kó o sínú àpamọ́ ni. Ní 9600, lẹ́tà kan ń lo díẹ̀ ju 1 mílísẹ́kọ́ǹdì lọ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá yí àdírẹ́sì kí ó tó dé, orí lẹ́tà á lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ kan, ìdí rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Bí ẹ bá rí i pé lẹ́tà ìkẹyìn ń sọnù níbìkan, tí ìdọ̀tí sì ń ṣáájú ọ̀rọ̀ níbòmíràn, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Fún ẹni tó ń pín kílọ́ọ̀kì dípò TX, títì nìkan kò tó. Bí kílọ́ọ̀kì bá wà ní 0 nígbà tí ẹ tì í, àbájáde yóò fò láti 0 sí 1, ẹ̀rọ tó ń ka ìgòkè yóò sì fi ẹyọ kan kún iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kílọ́ọ̀kì dé 1 kí ẹ tó fọwọ́ kan G2B.

Ó ku ti ètò ẹsẹ̀ àdírẹ́sì. Ẹsẹ̀ 1 ni bíìtì tó kéré jù, ẹsẹ̀ 3 ló tóbi jù. Ẹni tó bá yí wọn po yóò rí i pé 0, 2, 5 àti 7 ń lọ dáadáa, kìkì 1 àti 4 ló ń gba ipò ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni 3 àti 6. Nítorí náà, ẹ má fi àbájáde 0 àti 7 nìkan dán iṣẹ́ wò.