Kí Ẹ Tó Ki Ẹ̀rọ Géèmù Tòkunbọ̀ Bọ Iná

Ní Àgbádárìgì níbí, ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ géèmù tòkunbọ̀ sábà máa ń gbà dé ọwọ́ wa. Àwọn kan ń gba Kútọnu àti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Púlọ́ọ̀gì tiwọn ní ẹsẹ̀ roboto méjì. Àwọn kan sì ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ nínú páálí tí ẹbí fi ránṣẹ́, tàwọn taṣọ àti ọṣẹ. Púlọ́ọ̀gì tiwọn ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì. Kò sí èyí tó bá sókẹ́ẹ̀tì tiwa mu, èyí tó ní ihò onígun mẹ́rin mẹ́ta. Nítorí náà, orí púlọ́ọ̀gì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wá. Bó bá ti wọlé, wọ́n rò pé ó parí.

Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe rò ó nìyẹn. Bàbá rẹ̀ fi Nintẹ́ńdò Wíì kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ọmọ náà sáré lọ sí ọjà Agbálátá, ó ra orí púlọ́ọ̀gì kékeré tó ń gba ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, ó kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kejì ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi.

"Bọ̀dá, ó kàn ró pò lẹ́ẹ̀kan ni. Kò tàn mọ́."

Mi ò tiẹ̀ wo ẹ̀rọ náà. Adápítọ̀ rẹ̀ ni mo yí dojú dé, àpótí dúdú tó wà láàárín wáyà. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ nìyí:

```
INPUT:  AC 120V 60Hz 52W
OUTPUT: DC 12V 3.7A
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà

INPUT ni iná tí adápítọ̀ fẹ́ gbà lára ògiri. OUTPUT ni èyí tó ń fún ẹ̀rọ géèmù. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fólítì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Jàpáànù jẹ́ 100. Ti Kútọnu kò yàtọ̀ sí tiwa, ìdí nìyẹn tí èyí tó ní ẹsẹ̀ roboto kì í fi í sábà fa wàhálà ju ti púlọ́ọ̀gì lọ.

Bí ẹ bá rí `100-240V` lórí ìlà INPUT, ọkàn yín balẹ̀: ó lè jẹ iná ibikíbi. Adápítọ̀ Nintẹ́ńdò Suwíìṣì rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ti Amẹ́ríkà ló ní. Bí ẹ bá rí `220-240V`, tiwa ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ `120V` nìkan, tàbí `100-127V` bíi ti adápítọ̀ Ẹ́ksì-bọ́ọ̀sì 360 ti Amẹ́ríkà, ẹ má kì í bọ ògiri, bí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá tiẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Orí púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Kò dín iná kù rárá.

Kí ló ró pò? Nínú adápítọ̀, wọ́n máa ń sọ iná ògiri di iná tààrà, wọ́n á sì gbé e sínú kapásítọ̀ ńlá kan. Iná 120 fólítì á ga dé nǹkan bí 170 níbẹ̀, tiwa á ga dé nǹkan bí 325. Kapásítọ̀ tí wọ́n sábà ń fi sínú ti Amẹ́ríkà kò lè gbà ju 200 lọ. Ó máa ń wú lórí ni, tàbí kó bẹ́, fíúùsì inú rẹ̀ á sì já. Ẹ óò gbọ́ òórùn bí ẹja jíjóná. Oríire ọmọ wa ni pé adápítọ̀ ló kú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò kú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gba iná nípasẹ̀ àpótí tó wà níta, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí ibi iná rẹ̀ wà nínú ara ẹ̀rọ kì í rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà.

Ọ̀nà àbájáde méjì

Èyí tí mo fẹ́ jù ni pé kí ẹ pa adápítọ̀ Amẹ́ríkà tì, kí ẹ ra ti Yúróòpù fún ẹ̀rọ kan náà. Ti Wíì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ `RVL-002(EUR)` sí lára. INPUT rẹ̀ á jẹ́ 220-240V, OUTPUT rẹ̀ á sì jẹ́ 12V 3.7A bíi ti àkọ́kọ́. OUTPUT yìí ni kí ẹ fi wé ara wọn dáadáa: fólítì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba, ámpíà lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ kéré.

Ọ̀nà kejì ni tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 110 tàbí 120. Wáàtì tó wà lórí ìlà INPUT ni ẹ óò fi mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ti Wíì jẹ́ 52, ẹ ra èyí tó gbé 100, kó má baà máa gbóná. Ọ̀pọ̀ sitabiláísà tí a ní nílé ní ihò 110 lẹ́yìn, ó sì wúlò fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn ihò náà. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 110 sí, tó ń gbé 220 jáde. Ẹ má ṣe ra ẹ̀rọ kékeré tó ń dín iná kù, tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun àti áyọ́ọ̀nù, fún iṣẹ́ yìí; ohun tó ń mú nǹkan gbóná nìkan ló dára fún.

Púlọ́ọ̀gì

Bí wáyà bá ṣeé yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ má ra orí púlọ́ọ̀gì kankan. Ẹ ra wáyà tí ẹnu rẹ̀ bára mu, tó ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú fíúùsì 3 ámpíà nínú. Èyí kò ná ni lówó púpọ̀. Mo sì ń bẹ̀ yín: àṣà kí a fi bírò tàbí sukurudíráífà ti ihò òkè sókẹ́ẹ̀tì kí ẹsẹ̀ roboto lè wọ ihò ìsàlẹ̀, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ihò yẹn ló ń ṣí ìlẹ̀kùn tó bo iná. Ẹsẹ̀ roboto kì í dì múlẹ̀ níbẹ̀, á máa ta, á máa gbóná, títí ike sókẹ́ẹ̀tì á fi yọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí adápítọ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ lé e, tàbí ó ń rùn, ẹ pa iná lára sókẹ́ẹ̀tì.

Géèmù tí kò fẹ́ tàn

A rí adápítọ̀ Yúróòpù, Wíì tàn. Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ náà yá díìsìkì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àǹtí rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́. Ó tún gbé e wá: "Bọ̀dá, ó tún ti bàjẹ́." Kò bàjẹ́. Wíì ti Amẹ́ríkà kì í ka díìsìkì Yúróòpù. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀: bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LU, ti Amẹ́ríkà ni; LE jẹ́ ti Yúróòpù, LJ ti Jàpáànù. Lára díìsìkì, ẹ wo ìparí nọ́ńbà rẹ̀. USA gbọ́dọ̀ bá LU rìn. Pílésítéṣọ̀n 2 náà ní ìṣòro yìí. Géèmù Pílésítéṣọ̀n 4 àti Suwíìṣì kò ní in.

Bí àwòrán bá jáde láìní àwọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, iná kọ́ ló fà á. Ìlànà àwòrán Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìgbàlódé sábà máa ń gba méjèèjì. Ìyẹn la wá gbé e sí, ọmọ náà dá díìsìkì olóńdọ̀nù padà, ó sì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé kó fi méjì tí wọ́n kọ USA sí ránṣẹ́.