Bí mo ṣe kọ tẹ́ńdà tábìlì ọgọ́ta fún ilé-iṣẹ́ kan ní Adó-Èkìtì

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Adó-Èkìtì ló fẹ́ ṣe tábìlì ọgọ́ta sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn, èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà pẹ̀lú ọmọṣẹ́ mẹ́ta sì gba ìwé tẹ́ńdà wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ èsì rẹ̀, ojú ìwé iye owó nìkan ló sì gba márùn-ún nínú wọn.

Ìdí tí mo fi fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe tí mo ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn. Nínú tẹ́ńdà olùrà mìíràn, mo kọ 4,800 náírà sí iye ẹyọ kan dípò 48,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àròpọ̀ tí mo kọ sísàlẹ̀ tọ̀nà. Ìwé wọn ti sọ ọ́ kedere pé tí iye ẹyọ àti àròpọ̀ bá takora, iye ẹyọ ni àwọn yóò gbà. Mo ní láti yọ ọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, ẹlòmíràn ló máa ń bá mi ṣírò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí n tó tì í sínú àpòòwé.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ ka ìlànà ìsanwó wọn kí n tó fọwọ́ kan ìṣirò. Wọn kì í san owó ìṣáájú, ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n sì ń sanwó. Èyí túmọ̀ sí pé owó mi ni yóò ra pákó, tí yóò san owó iṣẹ́, tí yóò sì wà níta fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Pákó àfàrà fún tábìlì kan jẹ́ 24,000 náírà, ìṣó, gúlúù àti fáníìṣì jẹ́ 4,000, owó iṣẹ́ jẹ́ 9,000, owó ọkọ̀ jẹ́ 3,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40,000. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà ni n óò ti yá owó náà, wọ́n sì ń gba èlé 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, nítorí náà oṣù mẹ́ta yóò fi 3,600 lé orí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ka èlé yìí mọ́ iye owó ń fi èrè ara rẹ̀ ran olùrà lọ́wọ́ ni. Mo fi èrè mi kún un, mo sì kọ 50,000 sí iye ẹyọ kan, 3,000,000 sí ọgọ́ta. Mo wá kọ owó orí ọjà, ìyẹn fáàtì, tí í ṣe ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, sí ìlà tirẹ̀: 225,000, àpapọ̀ 3,225,000.

Wọ́n tún ní kí iye tí a bá kọ dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Oníplánkì mi kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣèlérí pé n óò san ìdajì owó pákó lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá jẹ́ tèmi, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bákan náà, mo kọ lẹ́tà sí àwọn olùrà kí ọjọ́ ìbéèrè tó kọjá, mo béèrè bóyá mo lè kó ọgbọ̀n wá lákọ̀ọ́kọ́, kí ọgbọ̀n yòókù tẹ̀lé e, kí ọgọ́ta ọjọ́ ìsanwó ti ìpín kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Wọ́n gbà, wọ́n sì fi èsì náà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń du iṣẹ́ náà. Ìgbà yẹn ló dára láti béèrè, nítorí ẹni tó bá yí ìlànà wọn padà fúnra rẹ̀ nínú tẹ́ńdà lè mú kí wọ́n dà á nù.

Ẹ̀rí àwọn tí mo ti bá ṣiṣẹ́ rí ni mo fi parí rẹ̀. Lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìkẹ́rẹ́ sọ pé mo jẹ́ ọmọlúàbí, èyí tí mo dúpẹ́ fún, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí mo ṣe. Mo padà lọ bá bàbá náà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ iye àga tí mo ṣe, àti ọjọ́ tí mo kó wọn dé.”

“Ọmọ mi, ṣé ìyẹn ló jẹ wọ́n lógún?” Ó tún un kọ, ó sì fi nọ́ńbà fóònù tó ń lọ sí i.

Àpòòwé méjì ni mo dì: ọ̀kan fún bí iṣẹ́ yóò ṣe rí pẹ̀lú àwọn ìwé ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ mi, èkejì fún iye owó. Mo tún yẹ ti àkọ́kọ́ wò bóyá iye kankan wà níbẹ̀, torí ìyẹn nìkan tó láti lé ènìyàn jáde. Mo fà á lé wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú gbèdéke, mo sì gba ìwé tó fi aago tí wọ́n gbà á hàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá Ìkẹ́rẹ́ pè mí pé wọ́n ti fóònù òun. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: ṣé ọjọ́ tí mo dá ni mo kó àga náà dé? Ìwé iṣẹ́ náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹrin sí i.